Ìṣẹ́jú Márùn-ún: Ta Ni A Ń Bá Sọ̀rọ̀? Lámèyítọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Akẹ́kọ̀ọ́ Jáde

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lábẹ́ àtíbàbà ní òpin ọdún ẹ̀kọ́, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ń sọ ni ó sábà máa ń kúrú jù, òun náà sì ni àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. A máa ń yẹ ewì wò, a máa ń tú ìtàn-àròsọ palẹ̀, a máa ń wí tẹnu wa lórí eré orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ ìdágbére, àtẹ́wọ́ nìkan ni a ń pa fún un, lẹ́yìn náà a gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọnà ọ̀rọ̀ ni òun náà. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kókó, ó ní ìkádìí, ó sì ní àwọn tí a ń sọ ọ́ fún. Ohun tí a ó ṣe níhìn-ín ni pé kí a gbé e lé orí òṣùwọ̀n bí a ti ń gbé àwọn yòókù, kí a sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo tọ́ ọ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ni a ń bá sọ̀rọ̀?

Ìlú Ikpinlẹ̀ ni a mú gẹ́gẹ́ bí ibi ìdúró wa. Ọ̀kan ni í ṣe nínú àwọn àgbègbè mẹ́fà tí ó para pọ̀ di kọmúùnù Aja-Wẹrẹ, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí Pọ́bẹ̀ àti sí ààlà Nàìjíríà. Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nílé àti lọ́jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń gbọ́ Gùn àti Fọ̀n pẹ̀lú. Faransé ni èdè kíláàsì. Ọmọ tí ó bá wọ sísíyẹ̀mù, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí kò sì tún kíláàsì kankan kà, ọdún méje ni yóò fi dé tẹrimináàlì, níbi tí a ti ń ṣe ìdánwò báàkì. Láàárín ọdún méje yìí, Faransé ni ó fi ń dáhùn ìbéèrè olùkọ́. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé Faransé ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń mú nígbà tí a bá ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ náà kì í ṣe olùkọ́ nìkan. Ìyá tí ó fi owó epo pupa tàbí owó gaàrí ra ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá tí ó ti oko ọ̀pẹ bọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni ìṣòro ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ wọn àkókò, nítorí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n aṣọ kì í mọ bí yóò ti gé e. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú aago, kí ó ka ohun tí ó kọ sókè fún ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ohùn tí yóò fi bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì ka iye ọ̀rọ̀ tí ó ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ 120, ìṣẹ́jú márùn-ún yóò gba 600. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò han, ọmọdé yóò sunkún, àgbà kan yóò dáhùn sí òwe. Kí ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí. Ó ku 480. Iye yìí kò kún ojú ìwé méjì nínú ìwé àjákọ. Ẹni tí ó bá mú ojú ìwé márùn-ún dìde ti pinnu láti sáré kàwé fún àwọn ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sáré.

Nínú ọ̀rọ̀ 480 yìí, ìkíni ni ó sábà máa ń jẹ lájẹjù. Jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ dárúkọ ènìyàn pàtàkì méjìlá pẹ̀lú oyè wọn, láti orí ọba dé orí mẹ́ẹ̀rì, dirẹtọ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn òbí àti àwọn olórí ẹ̀sìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ó ti lo 96. Ìyẹn ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ, ó sì súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àkókò rẹ̀. Bí ó bá tún kí wọn ní èdè kejì, ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, kókó ọ̀rọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

A kò sọ pé kí ọmọ Yorùbá má kí àgbà. Ẹni tí kò kíni ti ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ó tó sọ ọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé àṣà wa fúnra rẹ̀ ti fún wa ní ìkíni tí kò gba àkókò. Ọmọbìnrin tí ó bá kúnlẹ̀ níwájú àgbájọ, ọmọkùnrin tí ó bá dọ̀bálẹ̀, ti kí ọba, ó ti kí ìyá ọlọ́jà, kò sì fo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí, gbólóhùn kan péré tó: kí ó sọ pé òun dúró lórí ìkíni tí àwọn tí ó ṣáájú ti kí. Olùdarí ètò ti dárúkọ àwọn ènìyàn ńlá. Kò sí oyè tí yóò dínkù nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tún un pè.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára máa ń gba ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan tí ayé mọ̀ wáyé ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ọdún 1969, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wellesley ní Amẹ́ríkà. Títí di ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò tíì sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀kan nínú àwọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì yan Hillary Rodham, tí a wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí Hillary Clinton. Sẹ́nétọ̀ Edward Brooke ni ó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà dìde, kò kọ́kọ́ ṣí ìwé tí ó ti kọ. Ó fèsì sí ohun tí àgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Àwọn kan gbé oríyìn fún un, àwọn kan bínú pé ọmọdé fèsì sí àgbà ní gbangba. A kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Ikpinlẹ̀ lọ bá sẹ́nétọ̀ jà. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí ibòmíràn: ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ yẹn, àwọn ènìyàn yẹn ni ó wà fún. Ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sọ pé inú òun dùn gidigidi lónìí ṣeé lò níbi ìsọmọlórúkọ, ó ṣeé lò níbi ìṣílé. Ohun tí ó bá ibi gbogbo mu kò di ibì kankan mú.

Ní ti kókó ọ̀rọ̀, àbùkù tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kò jẹ́ ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, yóò gba àwọn àbúrò níyànjú pé kí wọ́n ṣiṣẹ́, yóò bẹ ìjọba pé kí ó kọ́ kíláàsì kún kíláàsì, yóò kìlọ̀ nípa ìwà ipá, yóò sì tún sọ pé ọ̀dọ́ ni olórí ọ̀la. Ohun márùn-ún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta: kò sí èyí tí ó rí ìṣẹ́jú kan gbáko. Olùgbọ́ yóò mọ orí phrọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ìlú tí ọkọ̀ gbà kọjá láìdúró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òdìkejì rẹ̀ lè wo inú àṣà Faransé tí ó bí irú ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 1903, Jean Jaurès, olóṣèlú tí ó ti fi ìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Albi, padà síbẹ̀ láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpín-ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ó ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn di mú nínú rẹ̀ títí di òní ni ibi tí ó ti mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìgboyà, tí ó sì ń sọ ohun tí ìgboyà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí ó ń padà sórí rẹ̀ bí alùlù ti ń padà sórí ìlù rẹ̀. Kò kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó ń gbẹ́ ojú kan náà jinlẹ̀. Bí ẹni tí ó ní àkókò púpọ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni yóò mú kí ẹni tí ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún gbẹ́ kànga márùn-ún?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dúró ní òfìfo, a ó hun àpẹẹrẹ kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ rí. Àwa ni a dá a sílẹ̀, iye tí ó wà nínú rẹ̀ sì wà fún àpẹẹrẹ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin kan ni a yàn láti sọ̀rọ̀ fún kíláàsì tẹrimináàlì. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí:

«Ẹ̀yin àgbà, mo dúró lórí ìkíni tí a ti kí. Ẹ̀yin ìyá wa nìkan ni mo fẹ́ kí lọ́tọ̀, nítorí ẹ̀yin ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí a wọ sísíyẹ̀mù, àwa ọmọbìnrin mẹ́rìnlá ni a jókòó sí ìhà fèrèsé. Lónìí, àwa mẹ́ta ni a kù.»

Ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ti kí àgbájọ, ó ti yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, ó sì ti gbé ìbéèrè sí ọkàn olúkúlùkù láì bèèrè rẹ̀: mọ́kànlá dà? Kò ní láti sọ pé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ṣe pàtàkì. Mẹ́rìnlá àti mẹ́ta ti sọ ọ́. Ìyá tí ń ta ọjà mọ ìṣirò. Bí ó bá gbé igbá mẹ́rìnlá dé ọjà tí ó sì rí mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó sì ní. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ ti nílò ìṣọ́ra jù, nítorí ọmọ ni, òbí sì ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀kankan nínú àwọn mọ́kànlá, kí ó má baà dójú ti ìdílé kan ní gbangba. Kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí adájọ́. Ó lè sọ pé:

«Kò sí èyí tí ó ya olódo nínú wọn. Òmíràn mọ ìṣirò jù mí lọ. Òun ni ó kọ́ mi. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá tí ó fẹ́ ibi fún ọmọ rẹ̀. Ọdún tí epo kò tà, ọdún tí àìsàn wọlé, ọwọ́ kan ni a ń wá tí yóò ran ni lọ́wọ́, ti ọmọbìnrin ni ó sì máa ń súnmọ́ jù. Tótó ó ṣe bí òwe o: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹ tó fa ọmọbìnrin kan yọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wá rí olùkọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré.»

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú èyí. Àkọ́kọ́, ó gbà fún òbí kí ó tó bẹ òbí. Ó sọ ìdí tí ọmọ fi ń kúrò bí òbí fúnra rẹ̀ yóò ti sọ ọ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ìdí tirẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn kì í di etí mọ́. Èkejì, òwe kan ṣoṣo ni ó pa, ó sì tọrọ ààyè kí ó tó pa á, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti gbọdọ̀ ṣe níwájú àgbà. Àwọn àgbà yóò dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ìdáhùn náà fún un láàyè láti mí. Ẹni tí ó bá to òwe mẹ́fà jọ ń fi òwe ṣe ẹ̀ṣọ́. Òwe tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí ó ń tọrọ gan-an ni pé kí ọmọ, òbí àti olùkọ́ fọwọ́ ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó tọrọ kéré, ó sì ṣeé ṣe. Bí ó bá ti ní kí gbogbo òbí fi gbogbo ọmọ sílé ẹ̀kọ́ títí dé òpin, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un láìṣe nǹkan kan. Ẹni tí a ní kí ó wá rí olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan mọ̀ bóyá òun wá tàbí òun kò wá.

Nísinsìnyí a dé ibi èdè. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ kan náà ní Faransé. Dirẹtọ̀ yóò gbọ́ ọ, mẹ́ẹ̀rì yóò gbọ́ ọ, wọn yóò yin bí ọmọ náà ti ń sọ èdè. Ìyá tí ọ̀rọ̀ náà wà fún yóò pàtẹ́wọ́ nítorí pé ó rí ọmọ lórí ìtàgé, ohun tí a bẹ̀ ẹ́ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé ògbufọ̀ ni ojútùú. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ pín àkókò sí méjì: nínú ọ̀rọ̀ 480, ó ku 240. Ó tún gé ohùn sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé mẹ́ta ni ó kù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó yẹ kí ó tẹ̀lé e. Ògbufọ̀ ni yóò bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe túmọ̀, kí a pín in. Ohun tí ó kan ìyá, kí a sọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti ìjọba, ìyẹn ọpẹ́ àti ìbéèrè kan bí ó bá wà, kí a sọ ọ́ ní Faransé, ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn kókó ọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà yìí ní ààlà tirẹ̀. Ní abúlé tí Gùn tàbí Fọ̀n bá jẹ́ èdè àwọn òbí tó pọ̀, Yorùbá nìkan yóò tún fi àwọn kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èdè àwọn òbí wọ̀nyẹn ni ó sì yẹ kí kókó ọ̀rọ̀ wọ̀. Ìbéèrè wa kò yí padà: ta ni a ń bá sọ̀rọ̀?

Ìkádìí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò dúró. Wọn yóò ní «ní ìparí», wọn yóò rántí ẹni tí wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò tún ní «lákòótán». Ewu mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ wa gan-an. Ní ibi tí ayẹyẹ bá ti ṣáájú èsì báàkì, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ kádìí bí ẹni pé gbogbo wọn ti yege. Ẹni tí yóò tún ìdánwò ṣe lọ́dún tí ń bọ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá kí gbogbo kíláàsì kú oríire, ó ti kí ẹni náà kú ìtìjú ṣáájú àkókò. Jíjáde ni kí ó kí, kì í ṣe yíyege.

Ọmọbìnrin inú àpẹẹrẹ wa yóò kádìí báyìí lẹ́yìn ọpẹ́ rẹ̀ ní Faransé:

«Ìjókòó mọ́kànlá ni ó ṣófo ní ìhà fèrèsé. Àwọn àbúrò wa tí ó wà ní sísíyẹ̀mù lónìí, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dìde níbi tí mo dúró sí yìí, kí ó má rí ìjókòó òfìfo kà. Ẹ ṣé.»

Ó dá dúró níbẹ̀. Kò gbàdúrà gígùn, ṣùgbọ́n àdúrà ni gbólóhùn rẹ̀, àwọn ìyá yóò sì ṣe àmín láìjẹ́ pé a ní kí wọ́n ṣe é. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi.

Ọ̀nà wo ni a ó fi mọ̀ bóyá irú ọ̀rọ̀ yìí yọrí sí rere? Àtẹ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. A máa ń pa á fún ẹni tí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ bá ìyá kan tí ó jókòó sẹ́yìn, kí ẹ bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni ọmọ yẹn wí. Bí ó bá ní ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ti kú. Bí ó bá ní ó ní kí a lọ rí olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà wà láàyè. Kò tíì dá ẹnìkan padà sí kíláàsì. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, kò sì lè mú kí epo tà. Ohun tí ó lè ṣe ni pé ní ọjọ́ tí ìyá náà bá fẹ́ ní kí ọmọ má lọ mọ́, yóò rántí pé ẹnìkan ti bẹ òun pé kí òun kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ọmọ tí ó ń sọ ọ́ kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó sọ ọ́ ní èdè tí yóò dúró sí ìyá náà létí.